Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ajá Tí Kì Í Jẹ́ Ìpè Níta: Okùn Gígùn, Oúnjẹ Aládùn àti Ìpè Tuntun

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń sin ajá ní Ìbàdàn ń bi mí lemọ́lemọ́, ìbáà jẹ́ ará Bódìjà, ará Àkóbọ̀ tàbí ará Moníyà: ajá mi ń jẹ́ ìpè nínú ilé, ó ń sáré wá bí ó bá ti gbọ́ ìró abọ́, ṣùgbọ́n bí géètì bá ti ṣí, tó sì rí ewúrẹ́ kan lókèèrè, mo lè pè é títí ohùn mi yóò fi há, kò ní wẹ̀yìn. Kí ni kí n ṣe? Ìdáhùn mi nìyí, fún ẹni tó bá lè fara balẹ̀ ṣe é díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ajá náà kì í ṣe olóríkunkun. Ẹ̀kọ́ kan ló ti kọ́, àwa tí a ń sìn ín la sì kọ́ ọ láìmọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é, tí kò wá, tó sì rí ewúrẹ́ náà lé, eré tó sá lé ewúrẹ́ ti di èrè fún un nítorí pé ó kọ ìpè yín. Ní ọjọ́ tó bá sì padà wá, ẹ ó dè é mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ gbá a létí nítorí pé ó pẹ́. Lójú tirẹ̀, ìpè ti di àmì pé ìgbádùn ti tán. Nǹkan méjì la ó fi tún un ṣe: oúnjẹ aládùn yóò mú kí èrè tó wà lọ́dọ̀ yín wúwo ju ti ìta lọ, okùn gígùn yóò sì rí i dájú pé ajá kò rí èrè kankan gbà níbi tó ti kọ ìpè. Okùn náà kì í ṣe fún fífa ajá. Ẹni tó bá fi ń wọ́ ajá wálé bí ẹni ń fa omi láti inú kànga ti fi okùn ṣòfò.

Bí ajá yín bá ti ń jẹ́ ìpè dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá ṣàdédé dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ yẹ etí àti ara rẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Ẹ rí i pẹ̀lú pé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ kò tíì kọjá àkókò, nítorí ajá àdúgbò tí kò ní olówó yóò wá gbóòórùn rẹ̀ níta dandan.

Ohun èlò

- Okùn gígùn kan tó tó mítà 10, tí ìkọ́ irin tó ṣeé ṣí tó ṣeé pa wà ní ìparí rẹ̀ kan. Fún ajá ńlá, kí ó nípọn tó ọmọ ìka ọwọ́; fún ajá kékeré, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- Bẹ́líìtì àyà, èyí tó gba abẹ́ iwájú ajá kọjá, tó ní òrùka lẹ́yìn.
- Ibọ̀wọ́ tó nípọn, àti bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀.
- Àpò kékeré tí ẹ lè so mọ́ ìbàdí fún oúnjẹ.
- Fèrè, irú èyí tí rẹfirí ń fọn.

Ẹ ó rí okùn náílọ́ọ̀nù rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àti ohun èlò ìkọ́lé, wọ́n á sì bá yín gé e níwọ̀n tí ẹ fẹ́. Ẹ má so kókó kankan sí i, yàtọ̀ sí èyí tó di ìkọ́ mú, nítorí kókó máa ń há sí gbòǹgbò igi àti sí ẹnu ihò bíríkì. Ẹ má lo okùn inú ike, èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ wọlé bí ajá bá sún mọ́ni. Ó máa ń fa ajá nígbà gbogbo, nítorí náà ajá kò ní mọ̀ bí ó ti ń rí nígbà tí òun bá wà lómìnira, okùn rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ sì lè gé ìka ọwọ́.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò ní fi ṣeré: ẹ má ṣe fi okùn gígùn kọ́ bẹ́líìtì ọrùn. Ajá tó bá sáré mítà 10, tí okùn sì tán lójijì, gbogbo agbára eré yẹn yóò bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun àti eegun ọrùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òrùka ẹ̀yìn ni okùn wà, àyà ni yóò gbà á.

Oúnjẹ tó tó sanwó

Bísikíìtì ajá tàbí oúnjẹ gbígbẹ tó ń jẹ lójoojúmọ́ tó nínú ilé, ṣùgbọ́n kò lè bá ewúrẹ́ díje. Ohun tí ẹ ń wá ni èyí tó ń rùn, tó rọ̀, tí ajá lè gbé mì kíákíá láìjókòó jẹ ẹ́. Iwe adìẹ tí a bọ̀ láìfi iyọ̀ sí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí èyí tó tóbi jù má ju ẹ̀wà kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀dọ̀ tí a bọ̀ náà dára, kí ó má kàn pọ̀ jù, nítorí ó lè mú kí ajá yàgbẹ́ gbuuru. Ẹja gbígbẹ tí kò ní iyọ̀, tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀, ń ta sánsán débi pé òórùn rẹ̀ nìkan ń ṣiṣẹ́. Fún àwọn ajá kan, wàrà tí àwọn Fúlàní ń ta lágbára ju ẹran lọ.

Ẹ má fún un ní súyà, nítorí iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà àti áyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, kò sì sí ọ̀bẹ̀ ilé wa tí kò ní ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà ẹ má mú ẹran láti inú ọ̀bẹ̀. Eegun adìẹ tí a ti sè máa ń ya ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ èyí tí ajá yín fẹ́ràn jù? Ẹ di irú oríṣi méjì mọ́wọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, kí ẹ jẹ́ kí ó gbóòórùn méjèèjì, kí ẹ wo ọwọ́ tí yóò dúró tì. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́. Èyí tó bá borí di ti ìpè nìkan. Kò gbọdọ̀ rí i jẹ níbòmíràn mọ́, ìbáà jẹ́ lábẹ́ tábìlì tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Kí ẹ sì dín oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kù ní ìwọ̀n ohun tó ti jẹ níbi ẹ̀kọ́. Ebi díẹ̀ kò burú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má febi pa á.

Ìpè tuntun

Ẹ fi ìpè àtijọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ń pariwo «Bíńgò, wá!» láti ọdún tó kọjá, tí kò sì wá, ohùn yẹn kò yàtọ̀ sí ariwo kọ́ńdọ́kítọ̀ létí rẹ̀. Fèrè ló dára jù, nítorí kì í bínú, kì í há, gbogbo ará ilé sì lè fọn ún bákan náà: ìró kúkúrú méjì, ó parí. Bí ẹ kò bá fẹ́ fèrè, ẹ yan ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fi bá ajá sọ̀rọ̀, bíi «Ọ̀dọ̀ mi!», kí ẹ sì máa pè é pẹ̀lú ohùn ìdùnnú kan náà. Ẹ gbé fèrè náà pamọ́ síbi tí ọwọ́ àwọn ọmọdé kò lè dé. Nínú ilé tí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ ń gbé, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ọmọdé máa fi ń ba ìpè jẹ́, nítorí fífọn ún láìní oúnjẹ lọ́wọ́ jẹ́ eré fún wọn.

Ìpele àkọ́kọ́: nínú ilé

1. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá nínú yàrá tó pa rọ́rọ́. Ẹ fọn fèrè, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ fún un ní iwe kan. Ẹ kò tíì ní kí ó ṣe ohunkóhun. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, kí ẹ dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ àti lálẹ́, fún bí ọjọ́ mẹ́rin.
2. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ dúró dìgbà tí ó bá ń wo ibòmíràn, kí ẹ tó fọn ún. Bí ó bá yí orí padà kíákíá, tó ń wá ọwọ́ yín, ìpè ti wọlé. Bí kò bá yí padà, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní. Kò sí ìdí láti sáré.
3. Ẹ bọ́ sí yàrá kejì, kí ẹ fọn ún. Bí ó bá dé, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan di bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́, kí ẹ tó fi ọwọ́ kejì fún un ní oúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún yín. Ẹ tú u sílẹ̀.
4. Ẹ tún un ṣe nínú ọgbà ilé pẹ̀lú géètì títì, nígbà tí kò sí ẹni tó ń fọṣọ tàbí tó ń dáná níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ ti rí ajá tó ń sáré bọ̀, tó dúró síbi tí ọwọ́ kò lè dé, tó ń jó yípo. Irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ ìtumọ̀ ìpè. Ọwọ́ tó ń gbá a mú ló ń sá fún. Bí dídi ọrùn mú bá ṣáájú oúnjẹ nígbà gbogbo, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa na ọrùn fún yín fúnra rẹ̀.

Ìpele kejì: okùn gígùn níta

Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa tí kò sí lẹ́bàá títì: pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí, tàbí pápá ilé ìwé ní òpin ọ̀sẹ̀, bí máígádì bá gbà yín láàyè. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nítorí ọ̀dà títì ọ̀sán gangan máa ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá, ajá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kì í sì fẹ́ jẹun.

Bí a ṣe ń di okùn náà mú ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn bẹ́líìtì àyà. Ẹ di ìparí kejì mú ní ọwọ́ kan. Èyí tó bá kù ní ọwọ́, ẹ ṣẹ́ ẹ lélẹ̀ ní ìpele-ìpele lórí àtẹ́lẹwọ́, bí a ti ń ṣẹ́ aṣọ, kí ó lè máa yọ́ lọ fàlàlà. Ẹ má ká a mọ́ ọwọ́ láéláé. Ajá tó wúwo tó kílò 30 tó bá ta lójijì lè ṣẹ́ ìka tí okùn ká mọ́. Bí ó bá ń sáré lọ sí ìparí okùn, ẹ jẹ́ kí okùn máa yọ́ gba inú ibọ̀wọ́ yín, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí eré rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọdé tàbí àgbàlagbà bá ń kọjá, ẹ ká okùn wọlé, nítorí ó lè yí wọn lẹ́sẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ kí ajá rìn kiri fún ìṣẹ́jú 5, kí ó gbóòórùn tó bá fẹ́. Ẹ má pè é rárá.
2. Nígbà tí ó bá gbé orí sókè, tí kò sì jìnnà ju mítà 3 lọ, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
3. Bí ó bá ti yí sọ́dọ̀ yín, ẹ fi ẹ̀yìn rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kíákíá, kí ẹ máa yìn ín. Ajá máa ń lé ohun tó ń lọ.
4. Bí ó bá dé, ẹ di bẹ́líìtì ọrùn mú, kí ẹ fún un ní iwe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí márùn-ún tàbí mẹ́fà tẹ̀lé ara wọn. Ó sàn kí ó jẹ ẹyọ mẹ́fà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ara wọn ju kí ó jẹ òkìtì kan ní ẹnu kan, nítorí ìgbádùn náà á pẹ́ díẹ̀.
5. Ẹ wí pé «Ó yá, máa lọ», kí ẹ jẹ́ kí ó padà síbi tó ń gbóòórùn. Òmìnira yìí náà jẹ́ èrè, ó sì ń kọ́ ọ pé ìpè kò fi òpin sí ìgbádùn.

Ẹ pè é ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ péré ní ìjáde kan. Bí ó bá ń yára wá, ẹ fi mítà méjì méjì kún ìjìnnà láti ọjọ́ dé ọjọ́, títí yóò fi tó ìwọ̀n okùn.

*Bí kò bá wá ńkọ́?* Ẹ má fọn fèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí kò bá mira, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀lé okùn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ máa ká a bí ẹ ti ń lọ, láìfà á, láìbínú. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ fi oúnjẹ hàn án nímú, kí ẹ mú un rìn sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fún un ní ẹyọ kan. Ìpè náà kò já sí ohunkóhun tó dùn níta, kò sì já sí ìyà lọ́dọ̀ yín. Ìgbà tó tún kàn, ẹ pè é láti ibi tó sún mọ́ yín. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, ibẹ̀ ti le jù fún un lónìí.

Ewúrẹ́ ní Àkóbọ̀: bí a ṣe ń wọn ìjìnnà

Ìyá kan ní Àkóbọ̀ pè mí wá wo akọ ajá wọn, ajá ìbílẹ̀ tó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀. Ajá náà ti ń jẹ́ fèrè lórí okùn láìṣe àṣìṣe ní pulọ́ọ̀tì tó ṣófo, ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá wà níbẹ̀, kì í jẹ́ ẹ rárá. «Ẹ mà, kò tilẹ̀ ń wo ẹran lọ́wọ́ mi,» ni Ìyá wí. Mo ní, «Mà, ẹ má tíì pè é. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí etí rẹ̀ ti ń di.»

A bẹ olówó ewúrẹ́ kí ó so ọ̀kan mọ́ igi. Ewúrẹ́ tí a so kò lè sáré, ẹran tí kò sì sáré kì í fa ajá mọ́ra bí èyí tó ń sá lọ. A bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 40. Níbẹ̀, ajá náà wo ewúrẹ́, ó sì gba iwe lọ́wọ́ Ìyá pẹ̀lú ètè rírọ̀. Ní ìgbésẹ̀ 30, ó ṣì gbà á, àmọ́ ó fi eyín já a gbà débi pé Ìyá fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ní 20, ẹnu rẹ̀ pa dé, etí rẹ̀ nà síwájú, ìrù rẹ̀ le gbọn-ọn, iwe náà kan imú rẹ̀, ó sì já bọ́ sílẹ̀ láì jẹ́ pé ó wò ó. Ó ti hàn pé ibi iṣẹ́ wa ni 40. Ní 30, eyín rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún wa. Ní 20, ìpè yòówù kí a pè ibẹ̀ ni yóò ṣègbé.

Ìlànà tí Ìyá lò kò le. Ní ìgbésẹ̀ 40, wọ́n dúró dìgbà tí ajá bá wo ewúrẹ́ tán, tó sì yọ ojú kúrò fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó fọn fèrè. Bí ó bá wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara wọn láìlọ́ra, wọ́n á sún mọ́ ọn ní ìgbésẹ̀ márùn-ún. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín gba oúnjẹ, wọ́n á sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ wò ó pé a máa ń sún sẹ́yìn ju bí a ti ń sún síwájú lọ. Àwọn tó bá ń ṣe é ní ìdàkejì kì í kúrò lójú kan. Lẹ́yìn ìpè tó dára gan-an, wọ́n máa ń jẹ́ kí ó lọ gbóòórùn ibi tí àwọn ewúrẹ́ ti sùn sí lánàá, pẹ̀lú okùn lára rẹ̀. Fún ajá yìí, inú ibẹ̀ dùn ju iwe lọ.

Nǹkan kan bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọmọ ewúrẹ́ méjì fò jáde láti ẹ̀yìn ògiri, ajá sì ta. Ìyá jẹ́ kí okùn yọ́ gba inú ibọ̀wọ́ títí eré náà fi rọ, wọn kò fọn fèrè, wọn kò sì jágbe. Wọ́n rìn tọ okùn lọ, wọ́n yí i padà, wọ́n sì mú un lọ ìgbésẹ̀ 50 kí wọ́n tó ṣe ìpè kan tó rọrùn, tí wọ́n sì lọ sílé. Ohun tó yẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá fọn fèrè lójú eré yẹn, kò ní gbọ́, fèrè yóò sì di ohun tí a lè kọ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ajá náà ń yí padà ní ìgbésẹ̀ 15 sí ewúrẹ́ tí a so, àti ní bíi 30 sí àwọn tó ń jẹ̀ kiri. Àgbébọ̀ adìẹ pẹ̀lú àwọn òròmọ rẹ̀ ṣì borí rẹ̀, nítorí náà ibi tí adìẹ bá wà, okùn kì í kúrò lára rẹ̀. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ tó yọrí.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Pípe ajá nígbà tí ẹ mọ̀ pé kò ní wá.* Kí ẹ tó fọn fèrè, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè fi owó yín ta tẹ́tẹ́ pé yóò wá. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rìn lọ mú un.

*Fífi ìpè dè é mọ́lẹ̀.* Fún ìwẹ̀, fún oògùn aràn àti fún títì mọ́ ilé ajá, ẹ lọ mú un níbi tó bá wà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ pè é, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ bá a ṣeré díẹ̀ kí ẹ tó tì í.

*Ajá tó mọ okùn.* Ó ń jẹ́ ìpè bí okùn bá wà lára, ó ń sá lọ bí ẹ bá tú u. Ohun tó fà á ni pé ẹ máa ń fi okùn kọ́ ọ kété kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ń tú u kété tí ó bá parí. Ẹ jẹ́ kí ó wọ okùn fún ìdajì wákàtí nínú ọgbà, lójú yín, láìṣe ohunkóhun, kí ó tó jáde àti lẹ́yìn tó bá wọlé.

*Ajá tó kọ oúnjẹ níta pátápátá.* Ẹ̀rù, ooru tàbí ìsúnmọ́ ohun tó ń dà á láàmú ló sábà máa ń fà á. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ tún un gbìyànjú ní ibi tó dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ ajá tó fẹ́ràn eré ju jíjẹ lọ, àkísà tí ẹ so ní kókó tí ẹ jọ fà lè rọ́pò iwe.

Ìgbà tí okùn lè kúrò

Ẹ má yára. Ní ibì kan pàtó, bí ajá bá wá nígbà tí ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà 9 nínú 10, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí:

1. Ẹ fi okùn sílẹ̀ kí ó máa wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ajá. Bí ó bá kọ ìpè, ẹ tẹ ìparí rẹ̀ mọ́lẹ̀.
2. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí wàhálà, ẹ gé okùn náà sí mítà 5, lẹ́yìn náà sí mítà 2. Okùn tó ń wọ́ lè há sínú igbó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ajá kúrò lójú yín.
3. Ẹ kúrò lórí ìyẹn sí òmìnira ní ibi tó ní ọgbà nìkan.

Ibi tuntun jẹ́ ẹ̀kọ́ tuntun fún ajá. Èyí tó ń jẹ́ ìpè ní Àkóbọ̀ lè má jẹ́ ẹ ní Àpáta ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ padà sí okùn mítà 10 fún ìjáde díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì dáwọ́ owó sísan dúró. Fún ìpè tó rọrùn, ẹ lè máa fún un ní bísikíìtì tàbí ìyìn nígbà míràn; fún ìpè tó mú un kúrò lọ́dọ̀ ewúrẹ́, iwe ni títí tí yóò fi darúgbó.

Bí ó bá já sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má lé e. Ẹ sáré sí ìdàkejì, kí ẹ máa pariwo ìdùnnú, tàbí kí ẹ lóṣòó kí ẹ máa fi ọwọ́ wú ilẹ̀ bí ẹni rí nǹkan. Ọ̀pọ̀ ajá yóò padà wá wo ohun tí ẹ rí.

Ibi tí ọ̀nà yìí mọ

Lẹ́bàá títì ńlá bíi Ìwó Road àti Challenge, àti nínú ọjà, okùn kúkúrú ni, bó ti wù kí ajá mọ ìpè tó. Akọ ajá tó bá ti gbóòórùn abo tó ń wá akọ kò ní ka iwe sí, ẹ mú un padà sílé. Ajá tó ti pa ewúrẹ́ tàbí adìẹ rí nílò olùkọ́ ajá tó mọṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó wà láìní okùn nítòsí ẹran ọ̀sìn nígbà kankan. Fún irú ajá bẹ́ẹ̀, okùn mítà 10 lè wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìjáde fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀: yóò rí ààyè sáré, yóò rí ààyè gbóòórùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní wá béèrè owó ewúrẹ́ lọ́wọ́ yín.